Ta ló pa Slowdive? Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti orúkọ àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi kó ìwé ìròyìn NME àti Melody Maker bíi àádọ́ta bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, inú àpótí kan ni wọ́n wà nílé wa ní Ìbàdàn. Nínú ọ̀kan, wọ́n ní Suede ni ẹgbẹ́ olórin tuntun tó dára jù ní Bìrìtéènì. Nínú òmíràn, wọ́n bú Slowdive bí ẹni tó jí wọn lówó. Slowdive yẹn ni èmi sì ń gbọ́ lójoojúmọ́ báyìí. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ìwé yìí lè gbé ẹgbẹ́ ga, kí wọ́n sì tún pa á? Ta ni kí n gbà gbọ́ bí mo bá ń kà wọ́n?*

Àbúrò, kí n tó sọ ohunkóhun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé yín fi ìwé yẹn di àkàrà.

Agbára wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń rò. Wọn kò lè ní kí gbogbo ìlú ra àwo kan kí gbogbo ìlú sì rà á. Àwọn èèyàn díẹ̀ kan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn díẹ̀ yẹn ló sì di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀ràn Suede àti Slowdive tí o bá pàdé yìí gan-an ló máa là á yé ọ, torí ìwé kan náà ló kọ ọ́, àárín ọdún mélòó kan ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí tí mo ti ń wò ó. Láti 1990 títí di 1995, mo ń ta àwo àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé méjèèjì máa ń dé àárín ìlú. Àwọn tó wà lókèèrè á dúró di Ọjọ́rú. Ọ̀gá mi á rán mi lọ ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bébà wọn fẹ̀, ó sì rọ̀, yíǹkì rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí o bá fi máa ṣí ojú ìwé mẹ́ta, àtàǹpàkò rẹ ti dúdú, ọ̀gá á sì ní kí o lọ fọwọ́ kí o tó kan àwo tí páálí rẹ̀ funfun. Òun alára á ti ṣí i dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwo tuntun wò, á ti máa fi bírò fàlà. Ohun tó bá fàlà sí lọ́sẹ̀ yẹn ni a ó gbówó lé.

Àwọn akọ̀ròyìn náà wà lára oníbàárà wa. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù á fi àwo ránṣẹ́ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí i pé kì í ṣe títà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn kì í gba owó oṣù, iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń sanwó fún. Wọ́n á kó àwo sínú àpò ọ̀rá, wọ́n á wá tà á fún wa kí wọ́n lè rówó ọkọ̀. Bí ẹ̀dà márùn-ún àwo kan bá ti dé orí káńtà wa nígbà tí kò tíì jáde, a ti mọ ohun tí ìwé máa kọ kí ìwé tó kọ ọ́.

Láti 1991, méjì ló kù nínú àwọn ìwé ńlá náà. Melody Maker ló dàgbà jù. Ọdún 1926 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń lu orin fún àwọn oníjó, ojú ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ni èèyàn sì ti ń wá onílù tàbí onígìtá bó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ. NME dé ní 1952. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, Percy Dickins tó wà níbẹ̀ tẹ àwọn ilé ìtàwo bíi ogún láago, ó bi wọ́n ohun tó ń tà, ó sì to èsì wọn tẹ̀ léra: àtẹ orin tó ń tà jù ní Bìrìtéènì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀kẹta wọn, Sounds, bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó kógbá wọlé ní 1991. Àwọn méjì tó ṣẹ́ kù wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, IPC, inú ilé gogoro kan náà létí odò Thames ni ọ́fíìsì wọn sì wà. Ẹ rántí ìyẹn: ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1992. Melody Maker gbé Suede síwájú ìwé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé àwọn ni ẹgbẹ́ tuntun tó dára jù ní Bìrìtéènì. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn jáde, kò sí àwo Suede kan ṣoṣo tí èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hù látinú ilẹ̀ o. Ó ti pé bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọrin kiri níwájú èèyàn díẹ̀. Ricky Gervais, tó wá di aláwàdà ńlá lẹ́yìn náà, tiẹ̀ ti ṣe máníjà wọn fúngbà díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yíjú wò wọ́n. Ohun tó yí padà ni pé Brett Anderson, akọrin wọn, ti mọ bó ṣe máa lo ara rẹ̀ lórí pèpéle, Bernard Butler ti mọ ohun tó fẹ́ fi gìtá ṣe, àwọn akọ̀ròyìn méjì mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n.

Àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, The Drowners, jáde lóṣù karùn-ún. Ipò 49 ló dé lórí àtẹ.

Dúró síbẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ pé ìwé máa ń ní kí ará ìlú ra nǹkan kí ará ìlú sì rà á ni, ipò 49 kọ́ ló yẹ kó tẹ̀ lé irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè ní Birmingham kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ wo àwọn tó ka ìwé náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń yan orin fún rédíò kà á, ó sì bi ara rẹ̀ pé báwo ni òun kò ṣe tíì lu èyí. Ẹni tó ń gba ẹgbẹ́ sí gbọ̀ngàn ní Manchester àti Glasgow kà á, ó sì fún wọn ní alẹ́ Sátidé dípò ọjọ́ Mọ́ńdè tí kì í sérò. Akọ̀ròyìn ìwé ojoojúmọ́, tí kò ráyè lọ sóde alẹ́, kà á, ó sì kọ tirẹ̀ látinú rẹ̀. Ọ̀gá mi náà kà á, ó sì fàlà sí i. Oṣù kẹsàn-án, àwo kejì dé ipò 17. Oṣù kejì 1993, ẹ̀kẹta dé ipò 7, wọ́n sì pè wọ́n wá kọrin níbi àmì-ẹ̀yẹ Brit, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn kankan. Nígbà tí àwo ńlá wọn jáde lóṣù kẹta, ipò kìíní ló bọ́ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá tí àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ kankan ti tà kíákíá bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ní Bìrìtéènì. Lọ́dún yẹn kan náà, ó gba ẹ̀bùn Mercury.

Ìwé kọ́ ló ta àwo yẹn. Iṣẹ́ tí ìwé ṣe ni pé kò jẹ́ kí àwọn tó lè tà á ráyè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Orin wọn ló ṣe èyí tó kù, torí pé ó dára. Lọ́dún 2000, NME gbé ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Terris, ọmọ Newport ní Wales, síwájú ìwé bákan náà, pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn kan náà ṣí. Nígbà tí àwo ńlá wọn fi máa jáde ní 2001, kò sí ohun tí ẹni tó wọlé máa bá níbẹ̀. Ìwé ti gbé wọn gẹṣin aáyán, àwọn ni wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti Slowdive.

Ọmọ Reading ni wọ́n, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Neil Halstead àti Rachel Goswell ti jọ ń ṣeré láti kékeré, 1989 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Creation sì gbé àwo kékeré wọn àkọ́kọ́ jáde ní ìparí 1990, nígbà tí wọn ò tíì kúrò ní bí ọmọ ogún ọdún. Orin wọn dà bí ìkùukùu: gìtá mẹ́ta tí a dún lórí ara wọn títí tí o kò ní mọ èwo ni èwo, ohùn obìnrin àti ti ọkùnrin sì rì sínú rẹ̀. Àwọn ìwé ọ̀sẹ̀ kọ́kọ́ gbé wọn jó. Àwo kékeré wọn gba ipò àwo ọ̀sẹ̀. Bí àwo ọ̀sẹ̀ ṣe ń wáyé rèé, kó o lè mọ ìwọ̀n tí o máa fi wọ̀n ọ́n: akọ̀ròyìn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé gbogbo àwo kékeré ọ̀sẹ̀ yẹn fún, òkìtì kan gbáà, á jókòó tì í ní ọ̀sán kan, á mú ọ̀kan tó wù ú jù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, akọ̀ròyìn mìíràn ni, etí mìíràn ni.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n léṣe. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú orin yìí ní Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀ máa ń lọ síbi orin ara wọn, wọ́n jọ ń mutí. Akọ̀ròyìn Melody Maker kan, Steve Sutherland, bá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé agbo tó ń ṣe àjọyọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, orúkọ kejì jáde nínú Sounds: awobàtà, shoegazing lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Moose ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé akọrin wọn lẹ ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀ lórí pèpéle, ó sì ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó kù ń wolẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fún ọ lórúkọ, tí orúkọ náà sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó tún máa gbọ́ orin rẹ lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí wọn ò jọra bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì da àpò nù, gbogbo yín lẹ jọ lọ.

(Èèyàn tiwa náà jẹ nínú ìyà orúkọ yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island gba King Sunny Adé ní 1982, ọdún kan lẹ́yìn ikú Bob Marley, òun ni wọ́n ń pè ní Bob Marley tuntun láti Áfíríkà. Kí ni jùjú fi jọ régè? Àwo ńlá mẹ́ta ni, títí dé Aura ní 1984, ilé-iṣẹ́ náà sì jáwọ́, torí pé iye tí Marley ń tà ni wọ́n ń retí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí Sunny fúnra rẹ̀ ń tà l'Ékòó.)

Nígbà tó fi máa di ìparí 1991, Nirvana ti dé láti Amẹ́ríkà, ariwo wọn sì bo gbogbo ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Suede dé, tí akọrin wọn ń ju gbohùngbohùn bí pàṣán, tó ń wojú èèyàn kòró. Ẹ ò rí i pé òdìkejì awobàtà gan-an nìyẹn. Ìwé tó ń gbé Suede ga nílò ẹni tó máa fi ṣe àfiwé. Nígbà tí Slowdive gbé Souvlaki jáde ní 1993, Dave Simpson kọ ọ́ sínú Melody Maker pé ó sàn kí òun rì sómi nínú ọpọ́n ìwẹ̀ tó kún fún òótì ju kí òun tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí o rí nínú àpótí nìyẹn. Ó dùn ún kà, mi ò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn, a kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù, a rẹ́rìn-ín títí.

Kí o má ṣe rò pé ẹni tó yìn wọ́n ní 1990 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní NME sọ báyìí, Melody Maker sọ tọ̀hún, bí ẹni pé ẹnu kan ni ìwé ní. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan á wọlé, á rí ẹgbẹ́ tuntun kan, á fi wọ́n ṣe orúkọ fún ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ mìíràn á wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù nílẹ̀ ti ní babalọ́jà wọn, kí ni òun máa fi ṣe orúkọ? Á yọ obẹ sí wọn. Lórí ìyẹn, ìwé gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní iwájú, iwájú yẹn kò sì gbọdọ̀ jọ ti ìkejì rẹ̀ tó wà nínú ilé gogoro kan náà. Àwọn gbajúmọ̀ ńlá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹgbẹ́ tuntun á sọ̀rọ̀ nígbàkigbà, ó sì lè jẹ́ pé sísọ lẹ́nu gan-an ló ń mú wọn jẹun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé wọn ga kíákíá, tí wọ́n fi ń sú wọn kíákíá.

Ṣé ìwé ló wá pa Slowdive? Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò dá a ṣe. Gbèsè ti mu Creation dọ́rùn débi pé wọ́n ta bí ìdajì ilé-iṣẹ́ náà fún Sony ní 1992, ní 1993 wọ́n gba ẹgbẹ́ Oasis, ojú gbogbo wọn sì yí síbẹ̀. Nígbà tí Slowdive gbé Pygmalion wá ní 1995, àwo tí ìlù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kò sí orin kan tí rédíò lè lù láàárọ̀, wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi lé wọn. Bó bá jẹ́ pé àwọn ìwé ṣì ń pariwo wọn, ó ṣeé ṣe kí Creation ṣe sùúrù fún àwo kan sí i. Ohun tí ìwé gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn: sùúrù ilé-iṣẹ́. Halstead, Goswell àti onílù wọn tún ìmíràn dá sílẹ̀, Mojave 3, orin pẹ̀lẹ́tù, àwọn ènìyàn sì gbàgbé.

Ohun tó gbé wọn dìde kò gba ọ̀dọ̀ ìwé kankan. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní 1993, tàbí tí wọ́n ṣì ń rá kòrò kiri, bá orin náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí òótì lórí rẹ̀. Slowdive padà sórí pèpéle ní 2014, wọ́n sì kọrin níbi àjọ̀dún Primavera ní Barcelona. Ní 2023, àwo wọn wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Melody Maker ti wọ inú NME lọ ní ìparí ọdún 2000, ó sì parẹ́. NME di ìwé ọ̀fẹ́ ní 2015, ìtẹ̀jáde rẹ̀ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí bébà sì dópin ní 2018.

Nítorí náà, bí o bá ṣí àpótí yẹn, wo déètì kí o tó ka ọ̀rọ̀. Bí ìwé bá yin ẹgbẹ́ tí àwo rẹ̀ kò tíì jáde, ìwé ń ta ara rẹ̀ ni, gbọ́ orin náà fúnra rẹ. Wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí o tẹ̀ lé ẹni yẹn láti ìwé dé ìwé: lẹ́yìn bíi mẹ́fà, o máa mọ ohun tí etí rẹ̀ fẹ́ àti ohun tí kò lè gbọ́, nígbà náà ni ìbúni rẹ̀ á wúlò fún ọ bí ìyìn rẹ̀. Èmi máa ń gba ìròyìn orí pèpéle gbọ́ ju iwájú ìwé lọ. Inú ojú ìwé ẹ̀yìn ló máa ń wà, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré, ẹni tó kọ ọ́ dúró nínú òógùn àti èéfín pẹ̀lú ogójì èèyàn, kò sì sí olóòtú tó ń wá àkọlé ńlá lórí rẹ̀. Ka lẹ́tà àwọn òǹkàwé náà. Ibẹ̀ ni o ti máa rí i pé nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn ń sin Slowdive, àwọn kan ń kọ̀wé láti ìlú kéékèèké pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́.

Mo tiẹ̀ ní kí n má sọ èyí. Ní 1993 yẹn, ẹ̀dà Souvlaki mẹ́rin dé orí káńtà wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òǹtẹ̀ wà lára gbogbo wọn. Ọ̀gá ní kí n lẹ owó pọ́ọ̀nù méjì mọ́ wọn, kí n kó wọn sínú páálí ilẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo kó wọn síbẹ̀. Mi ò fi ìkankan sórí ẹ̀rọ. Mo ti ka ìwé.